Bí a ṣe ń pín kótà fún àwọn olùtajà láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yín di mánéjà àwọn tó ń tajà, ọ̀rọ̀ kótà, ìyẹn iye ọjà tí olùtajà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tà lọ́dún, kì í pẹ́ débá yín. Ọ̀gá àgbà á pè yín, á ní lọ́dún tó ń bọ̀ 11,000 la fẹ́ tà o, ẹ lọ pín in fáwọn ọmọọṣẹ́ yín. Ó tán, kò ní sọ bí ẹ ṣe máa pín in. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó ṣí ìwé títà ọdún tó kọjá, a ó wo iye tí kálukú tà, a ó fi nǹkan díẹ̀ lé e, a ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo di mánéjà, nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹni tó mọ ọjà tà jù nínú wọn ti ń wá iṣẹ́ síbòmíì, kì í sì í ṣe owó oṣù ló ń bí i nínú. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ọ̀gá, bí mo bá ṣe ń tà tó ni ẹ ń bù kún ẹrù mi, ẹni tí ò tà, ẹ ò dà á láàmú." Mo lọ jókòó ti ìṣirò yẹn, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe lè pín in kó sì yé ẹni tí mo pín in fún, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì jọ ṣe é dópin. Iléeṣẹ́ kan ń ta pépà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, páálí páálí ni wọ́n ń tà á fún ọ́fíìsì àti iléèwé. Olùtajà mẹ́rin ló wà ńbẹ̀, kálukú ló ní agbègbè tiẹ̀: Àríwá, Gúúsù, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún tó kọjá, Àríwá ta páálí 4,600, Gúúsù ta 3,000, Ìlà Oòrùn ta 2,000, Ìwọ̀ Oòrùn ta 1,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 10,600. Ọ̀gá wá ní òun fẹ́ 11,000.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé, ṣé 400 péré ló fi lé ni, kò tiẹ̀ tó 4%, ẹ jẹ́ kí kálukú fi 4% kún tiẹ̀ kó parí. Àríwá á di 4,784, Ìwọ̀ Oòrùn á di 1,040, gbogbo wọn ló gbé ìwọ̀n kan náà, ta ló fẹ́ bínú? Ẹni tó wà ní Àríwá ló máa bínú, òun sì ló jàre. Wọ́n ní kó lọ wá 184 kún èyí tó tà, wọ́n ní kí ẹni tó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ wá 40, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni tó máa ra 184 yẹn ṣì kù ní Àríwá, tàbí bóyá àwọn tó ń ra pépà lọ́wọ́ ẹlòmíì kún Ìwọ̀ Oòrùn fọ́fọ́.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé iye tí èèyàn tà lọ́dún tó kọjá, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀ tó ti lọ́ mọ́ra wọn. Iṣẹ́ tó ṣe wà níbẹ̀, bí ọjà tí wọ́n fún un ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, oríire tàbí oríibú ọdún yẹn náà sì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi 4% lé e, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ kó lọ sínú ọdún tuntun, ẹ wá ń pè é ní kótà. Ká tó pín ohunkóhun, a ní láti tú wọn kúrò lára ara wọn.

Oríire la ó kọ́kọ́ yọ, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ gbé orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà agbègbè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó rà jù dé orí ẹni tó rà kéré jù, kí ẹ wo ẹnikẹ́ni tó bá dá ra ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí agbègbè yẹn tà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wo ọdún méjì tó ṣáájú, ṣé ó rà nígbà yẹn? Tí a bá ṣe é fún Àríwá nínú àpẹẹrẹ wa, a ó rí àjọ kan tó ń ṣe ìdánwò, tó ra páálí 600 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí pé iná jó ilé ìkẹ́rùsí ẹni tó máa ń tà fún wọn. Kò rà lọ́wọ́ wa rí, ó sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni àárọ̀ ẹ̀. 600 yẹn kì í ṣe títà tí a lè retí lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ìpìlẹ̀ Àríwá jẹ́ 4,000, kì í ṣe 4,600.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kọmíṣọ̀n olùtajà yẹn lórí 600 náà, tiẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ nìkan la ti yọ ọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ọjà ńlá ni oríire, tí olùtajà bá fi oṣù mẹ́jọ lé kọ́sítọ́mà kan kó tó rà, tí kọ́sítọ́mà yẹn á sì tún rà lọ́dún tó ń bọ̀, ìpìlẹ̀ nìyẹn, ẹ má yọ ọ́. Oríibú náà ń bẹ. Bí àpẹẹrẹ, tí agbègbè kan bá ta 900 láàárín oṣù mẹ́sàn-án torí pé kò sí olùtajà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ lè ka ìpìlẹ̀ ẹ̀ sí 1,200, tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìgbà tí ọjà máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tí yíyọ 600 yìí ṣe sí tágẹ́ẹ̀tì ọ̀gá. Ìpìlẹ̀ iléeṣẹ́ ti di 10,000, nítorí náà 11,000 tí ọ̀gá ń béèrè kì í ṣe àfikún 4% mọ́, 10% gbáko ni. Ìsinsìnyí ló yẹ kí ẹ lọ sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú orúkọ àjọ yẹn àti iye tí wọ́n rà lọ́wọ́ yín, kó lè mọ ohun tó ń béèrè. Ó lè ní òun ò yí i padà, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró di oṣù kẹwàá kí ẹ tó sọ ọ́, àwáwí ló máa jọ létí ẹ̀.

Ó kan ọjà fúnra ẹ̀ wàyí. Ohun tí à ń wá ni àyè ọjà, ìyẹn gbogbo páálí tí àwọn tó wà ní agbègbè kan máa rà láàárín ọdún kan, yálà ọwọ́ wa ni wọ́n ti rà á tàbí ọwọ́ ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa fún yín ní iye yìí, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Ibi tí àwọn mánéjà tuntun ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n á lọ wo iye èèyàn tó ń gbé agbègbè náà. Ẹnikẹ́ni tó wà nílé ẹ̀ kì í ra páálí pépà, òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀wé ló ń jẹ́ kí pépà tán. Nǹkan tó ń jẹ́ kí ọjà yín tán ni kí ẹ kà. Tó bá jẹ́ táyà ọkọ̀ lẹ ń tà, ọkọ̀ lẹ máa kà, tó bá jẹ́ oògùn ẹran lẹ ń tà, ẹran ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa mú bíi 20 kọ́sítọ́mà tí àárín wa gún, kékeré àti ńlá, mo máa bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní, páálí mélòó lẹ sì ń rà lọ́dún lápapọ̀, pẹ̀lú èyí tí ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìbéèrè kejì yẹn ni kí ẹ má gbàgbé apá ìkẹyìn ẹ̀, torí tó bá jẹ́ iye tí wọ́n rà lọ́wọ́ yín nìkan lẹ fi ṣírò, títà yín àtijọ́ lẹ tún padà gbé wọlé, ẹ wá fún un lórúkọ tuntun. Ká ní àwọn 20 yẹn ní òṣìṣẹ́ 1,000 lápapọ̀, tí wọ́n sì ń ra páálí 500, á jẹ́ pé òṣìṣẹ́ méjì ló ń lo páálí kan lọ́dún. Tí òṣìṣẹ́ 20,000 bá wà ní ọ́fíìsì àti iléèwé Àríwá, àyè ọjà ibẹ̀ jẹ́ 10,000. Iye òṣìṣẹ́ yẹn lẹ máa rí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, àti nínú ìwé àwọn olùtajà yín fúnra wọn, kò ní bára mu délẹ̀, ẹ mú èyí tó bọ́gbọ́n mu kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti mú un sílẹ̀. Tí iléèwé bá ń lo pépà ju ọ́fíìsì lọ dáadáa, ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí agbègbè tí iléèwé pọ̀ sí máa yàtọ̀.

Ká ní a ti ṣe é tán, Àríwá 10,000, Gúúsù 12,000, Ìlà Oòrùn 8,000, Ìwọ̀ Oòrùn 10,000. Ṣé ẹ rí Ìwọ̀ Oòrùn, 1,000 péré là ń tà níbẹ̀, ọjà ibẹ̀ sì tó ti Àríwá. Ojú ẹsẹ̀ lọkàn èèyàn á ti sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù ná, ẹ pè é. Nígbà tí a pè é, ó ní iléeṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń lo páálí 4,000 lọ́dún, ẹlòmíì sì ti gba kọ́ńtíráàtì ẹ̀ títí di òpin ọdún tó ń bọ̀. A wádìí ẹ̀, a rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. 4,000 yẹn kì í ṣe ohun tí olùtajà kankan lè rí gbà lọ́dún tó ń bọ̀, bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó, nítorí náà àyè ọjà tí ọwọ́ lè tó ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 6,000. Àyè ọjà tí ọwọ́ lè tó ni ká máa bá lọ láti ibí, kì í ṣe èyí tó kàn wà lórí ìwé.

Ní báyìí a ti ní nǹkan méjì lọ́wọ́, ìpìlẹ̀ títà (4,000, 3,000, 2,000, 1,000) àti àyè ọjà (10,000, 12,000, 8,000, 6,000). Báwo la ṣe máa pa wọ́n pọ̀? Àwọn kan máa ní ká gbàgbé ohun tó ti kọjá, ká fi àyè ọjà nìkan pín 11,000. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, Àríwá á gba 3,056, Ìwọ̀ Oòrùn á gba 1,833. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ta 4,000 lè fi oṣù méjì sùn, ẹni tó ń ta 1,000 wá gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Àwọn mìíì máa ní ká pín in sáàárín, ìdajì láti inú títà àtijọ́, ìdajì láti inú àyè ọjà. Wọ́n fẹ́ràn èyí gan-an torí ó jọ pé ó wà déédéé, ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ wa Àríwá ṣì máa gba 3,728 péré, kò tíì tó ohun tó ní lọ́wọ́.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé ká má po ọjà tó ti wà lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ ọjà tí a fẹ́ lọ wá. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n. Kọ́sítọ́mà àtijọ́, dídì í mú ni iṣẹ́ ibẹ̀, iye tí olùtajà tà tẹ́lẹ̀ ló sì ń sọ bí ẹrù yẹn ṣe tó. Kọ́sítọ́mà tuntun, lílé e ni iṣẹ́ ibẹ̀, ohun tó kù lọ́jà tí kò tíì jẹ́ tiwa ló ń sọ bí ibi tí a ti máa lé e ṣe fẹ̀ tó. Títà àtijọ́ máa pinnu apá àkọ́kọ́, àyè ọjà máa pinnu apá kejì, kò sí èyí tó máa dá sí ọ̀rọ̀ èkejì.

Apá àkọ́kọ́ ná. Gbogbo ohun tí àwọn kọ́sítọ́mà rà lọ́dún tó kọjá kọ́ ló máa padà wá. Àwọn kan á ti ilẹ̀kùn, àwọn kan á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àwọn kan á dín iye tí wọ́n ń tẹ̀ kù. Ẹ wo ìwé yín, nínú páálí tí àwọn kọ́sítọ́mà rà lọ́dún tó ṣáájú ọdún tó kọjá, mélòó ni àwọn kọ́sítọ́mà kan náà tún rà lọ́dún tó kọjá? Ká ní 90 nínú 100 ni. Á jẹ́ pé Àríwá máa di 3,600 mú nínú 4,000, Gúúsù 2,700, Ìlà Oòrùn 1,800, Ìwọ̀ Oòrùn 900. Àpapọ̀ 9,000. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn, àfi tó bá jẹ́ ọjà fúnra ẹ̀ ló ń kú ní agbègbè kan, bíi kí iléeṣẹ́ ńláńlá máa kó kúrò níbẹ̀. Torí tí ẹ bá fún ẹni tí kì í tọ́jú kọ́sítọ́mà ní 80 nínú 100 kìkì nítorí pé iye tó ń dì mú tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ ti fi kótà tó fúyẹ́ san èrè àìbìkítà fún un.

Ọ̀gá fẹ́ 11,000, 9,000 máa ti ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ wá, ó ku 2,000 tí a gbọ́dọ̀ wá látìta. Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Ọ̀gá rò pé 400 lòun béèrè, àwa wá rí i pé 2,000 ni ọjà tuntun tí àwọn ọmọ yìí máa lé.

Apá kejì wá ni bí a ṣe máa pín 2,000 yẹn. Ẹ yọ ìpìlẹ̀ kúrò nínú àyè ọjà agbègbè kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ọjà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Àríwá ṣẹ́ku 6,000, Gúúsù 9,000, Ìlà Oòrùn 6,000, Ìwọ̀ Oòrùn 5,000, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 26,000. Kí kálukú gba nínú 2,000 bí àṣẹ́kù tiẹ̀ ṣe tó nínú 26,000. Tí a bá sún iye kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá mẹ́wàá, tí àpapọ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ 2,000, ohun tó máa jáde nìyí:

| Agbègbè | Èyí tí a dì mú | Àṣẹ́kù ọjà | Tuntun | Kótà |
|---|---|---|---|---|
| Àríwá | 3,600 | 6,000 | 460 | 4,060 |
| Gúúsù | 2,700 | 9,000 | 690 | 3,390 |
| Ìlà Oòrùn | 1,800 | 6,000 | 460 | 2,260 |
| Ìwọ̀ Oòrùn | 900 | 5,000 | 390 | 1,290 |

Tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín ṣe é, ẹ fi ìpìlẹ̀ sí B, àṣẹ́kù sí D, láti orí ìlà 2 dé 5, kí ẹ tẹ èyí, ohun tó máa mú wá á fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti tábìlì torí kò sún iye kankan:

```
=B2*0.9+2000*D2/SUM(D$2:D$5)
```

Ibi tí ẹ̀tọ́ wà nínú gbogbo ẹ̀ ni pé nínú gbogbo 100 páálí tí kò tíì jẹ́ tiwa, nǹkan bíi 7.7 là ń ní kí olùtajà kọ̀ọ̀kan lọ gbà wá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, kò sẹ́ni tí tiẹ̀ ju ti ẹnì kejì. Ibi yẹn gan-an ló dọ́gba. Àfikún lórí ìpìlẹ̀ ọdún tó kọjá kọ́ ló dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ariwo ti máa wá, torí ẹni Gúúsù á ní wọ́n fi 13% lé tòun, wọ́n fi 1.5% lé ti Àríwá, ẹni Ìwọ̀ Oòrùn á ní 29% ni tòun. Ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ṣí tábìlì yẹn fún gbogbo wọn, kí ẹ jẹ́ kí ẹni Gúúsù rí i pé ẹni Àríwá tó jọ pé kótà ẹ̀ fúyẹ́ yẹn, 400 máa kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, á dí àlàfo yẹn, á sì tún fi 60 lé e, inú ọjà 6,000 ló sì ti máa wá gbogbo ẹ̀. Gúúsù ní 9,000 tó ti lè wá tiẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi pé ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò ẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ dùn mọ́ ọn, kì í pè é ní ojúsàájú.

Nǹkan kan wà tí ìṣirò yìí ò rí o. Àṣẹ́kù Àríwá le ju ti Gúúsù lọ. Níbi tí a ti gba 40 nínú 100 ọjà, àwọn tó kù jẹ́ àwọn tí a ti bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn ò ṣe, tàbí àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ta pépà. Àwọn mánéjà kan máa ń tìtorí ẹ̀ dín apá tuntun kù fún agbègbè tí ọwọ́ wọn ti kún. Èmi kì í ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń dúró kí n rí i nínú ìwé pé lóòótọ́ ni ọjà tuntun ń ṣòro níbẹ̀ ju ibòmíì lọ, torí tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ dín in níhìn-ín fọwọ́ dín in lọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ tí kótà á fi di ti ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ jù.

Ẹ lè máa rò ó pé àyè ọjà tí ẹ ṣírò yẹn, tó bá wá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Ó máa ní àṣìṣe nínú, kò sí bí kò ṣe ní ní in. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní a ti fi 1,000 ṣì í ní Ìwọ̀ Oòrùn, pé 5,000 kọ́ ni àyè ibẹ̀ kù, 4,000 ni. Kótà Ìwọ̀ Oòrùn máa di 1,220 dípò 1,290, ó fi 70 yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé àyè ọjà nìkan la fi pín gbogbo 11,000, irú àṣìṣe kan náà ì bá ti fi nǹkan bíi 260 yẹ ọ́ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí apá tuntun nìkan ni ìṣirò tí kò dájú yẹn ń fọwọ́ kàn.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i o. Ẹ fún àwọn olùtajà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n yẹ iye tiwọn wò, kí ẹ sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ irú ẹjọ́ tí ẹ máa gbọ́. Kọ́sítọ́mà tó ti kó lọ, kọ́ńtíráàtì tí ẹlòmíì gbà, iye òṣìṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ àwọn yẹn, ẹ wádìí wọn. "Ọjà ò lọ" kì í ṣe ẹjọ́. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ń jẹ èrè tí kótà bá kéré, kò sọ ọ́ di òpùrọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ rí ìwé. Tí ẹ bá dín ti ẹnì kan kù, ẹ ṣe ìṣirò gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí ohun tí ẹ dín pín sórí gbogbo wọn, ẹ má ju gbogbo ẹ̀ sórí ẹni tí kò wá bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀nà yìí kan náà ṣírò kótà ọdún tó kọjá bí ẹni pé ìgbà yẹn lẹ wà, kí ẹ wo àwọn tí ì bá dé ibẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò ni pé ó yẹ kí nǹkan bíi 6 sí 7 nínú olùtajà 10 dé kótà. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló dé ibẹ̀ láì làágùn, ó fúyẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ olùtajà mọ́, tágẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ló wúwo ju ọjà lọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kí ẹ padà sí pẹ̀lú tábìlì yẹn lọ́wọ́. Tí ẹ bá ní olùtajà mẹ́rin péré bíi tiwa níbí, ẹ má gba iye yẹn bí òfin, méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ti tó.

Ohun tó máa ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́dún kejì ni tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn olùtajà gbà pé ìyà ni èèyàn ń jẹ fún títà jù. Wọ́n ti mọ àìsàn yìí tipẹ́ láyé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Soviet, níbi tó jẹ́ pé ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá ṣe ju ohun tí ìjọba ní kó ṣe lọ, iye tuntun yẹn ni wọ́n máa fi lé e lọ́rùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀gá náà wá kọ́ bí a ṣe ń dúró sí ibi tí wọ́n bá fa ìlà sí. Ní 1980 onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ń jẹ́ Martin Weitzman fi ìṣirò ṣàlàyé ẹ̀. Láàárín àwọn olùtajà, bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ to ọjà tí àwọn kọ́sítọ́mà wọn bá béèrè fún ní oṣù oṣù. Tí ẹni tó ti dé kótà ẹ̀ ní oṣù kẹwàá bá dákẹ́ lójijì ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, tí ọjà ẹ̀ sì ya wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní, ó ti ń fi ọjà pamọ́ dè yín. Ẹ má bá a jà, ó ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń ṣe sí i. Òfin pínpín ni kí ẹ sọ síta kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, pé 90 nínú 100 ìpìlẹ̀ ni, pé àṣẹ́kù ọjà ni wọ́n fi ń pín tuntun, kí ẹ sì fi àyè ọjà tí ẹ ṣírò sílẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán láì yí i. Lóòótọ́, ẹni tó bá tà jù, ìpìlẹ̀ ẹ̀ á ga sí i, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù ẹ̀ náà á dín kù, apá tuntun tiẹ̀ á sì fúyẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè fúnra ẹ̀ ṣe ìṣirò yẹn kó rí i.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹ má fún un ní kótà kíkún lóṣù àkọ́kọ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń pẹ́ tó láti ìgbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ dé ìgbà tó máa sanwó, tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta, ọjà tuntun ò lè wọlé lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú oṣù kẹrin, apá èyí tí ó ń dì mú nìkan ló yẹ kó gbé títí dìgbà yẹn. Ohun tó bá kù nínú tuntun ibẹ̀, inú ìwé yín gẹ́gẹ́ bíi mánéjà ni kó wà.

Kí ẹ má sì pín kótà ọdún sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba. Ẹ wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìdá mélòó nínú ọjà ọdún ló máa ń wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ fi pín in. Pépà máa ń lọ gan-an nígbà tí iléèwé bá ń wọlé àti nígbà ìdánwò, tí iléèwé bá ti wọ ìsinmi ó máa ń dákẹ́. Tí ẹ bá ní kí ẹni Ìlà Oòrùn ta 188 lóṣooṣù, ẹ máa pè é lẹ́jọ́ ní oṣù ìsinmi láìnídìí, ẹ tún máa yìn ín láìnídìí lóṣù tí iléèwé wọlé.

Lẹ́yìn tí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì péré ló lè mú kí n tún ṣí kótà. Èkíní ni tí a bá gbé kọ́sítọ́mà láti agbègbè ẹnì kan sí ti ẹlòmíì. Èkejì ni tí kọ́sítọ́mà tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpìlẹ̀ ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn tàbí tó kó kúrò. Bí ẹni Gúúsù bá ti ta 3,390 ní oṣù kẹjọ, 3,390 náà ni kótà ẹ̀ títí ọdún á fi parí, bí ọ̀gá àgbà bá tiẹ̀ ní kí n fi 300 lé e.